Gbólóhùn Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Wa

Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi wí, kò sì pariwo. Bàbá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wá ní kí n bá òun to ìwé ètò ìsìnkú: oríkì ìdílé, ìtàn ìgbésí ayé bàbá, àwọn orin ìsìn, àwòrán méjìlá. Mo ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, mo fi ránṣẹ́ sí i nínú ímeèlì. Mo bá a kẹ́dùn dáadáa nínú lẹ́tà náà, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èsì dé: "Ẹ ṣeun, mo ti rí i. Ọ̀la ni màá jókòó kà á. Àmọ́ o, inú mi ò dùn rárá lọ́sẹ̀ yìí."

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tí mo ṣí lẹ́tà tèmi padà, tí mo yí i dé ìsàlẹ̀, ni ojú tì mí. Lábẹ́ orúkọ mi, lábẹ́ nọ́ńbà fóònù mi, gbólóhùn tí mo ti gbé síbẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta jókòó gbagidi: "Ìdùnnú yín ni ayọ̀ wa."

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn atẹ̀wé. Iṣẹ́ mi ni láti tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà, kí n fi àmì ohùn sí i, kí n tún gírámà rẹ̀ ṣe, kí ó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ní kí n fi gbólóhùn kan sí abẹ́ ìbuwọ́lùwé ímeèlì mi kí n lè dà bí iléeṣẹ́ gidi. Mo rántí pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi ronú sí i. Mo sì kọ "wa", bí ẹni pé èmi àti àwọn mẹ́wàá la jọ wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti jẹnẹrétọ̀ tó ń kọ́ òtútù.

Ìṣòro gbólóhùn yẹn kì í ṣe pé ó burú. Ó dùn ún gbọ́ lábẹ́ ìwé ìgbéyàwó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ lẹ́tà tí òun wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń kọ ara lẹ́tà, ẹ ń wo ojú ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí, ẹ ń yan ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló ń so gbólóhùn ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó jẹ yín lówó, ẹni tí ẹ̀yin já kulẹ̀, ohun kan náà ló ń kí gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìdánwò kan tí mo máa ń fún gbólóhùn kí n tó gbé e sísàlẹ̀. Mo máa ń kọ lẹ́tà mẹ́ta sórí ìwé, gbólóhùn méjìméjì péré. Àkọ́kọ́: mò ń bẹ oníbàárà pé kó san owó tó kù. Èkejì: mò ń tọrọ àforíjì pé iṣẹ́ pẹ́. Ẹ̀kẹta: mò ń bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà, mo máa gbé gbólóhùn tuntun náà sí abẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa kà á sókè. Bí ó bá dà bí ẹ̀sín lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, a jẹ́ pé kò yẹ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Mo ronú nípa "Iṣẹ́ tó péye, lásìkò tó péye." Lábẹ́ lẹ́tà owó, ó ṣeé gbà díẹ̀. Lábẹ́ ìkẹ́dùn, ó tutù bí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbé e sí abẹ́ èyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ò tíì parí iṣẹ́ yín, iná ni wọn ò mú wá láti ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ tó péye, lásìkò tó péye." Oníbàárà tó bá rí ìyẹn yóò rò pé ẹ̀ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Yóò fi gbólóhùn yín fèsì fún yín, yóò sì jàre.

Ohun tó fa èyí ni pé púpọ̀ nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ń sọ irú ẹni tí a jẹ́: a péye, a dára, a ṣeé gbọ́kàn lé, àwa la mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó bá sọ irú ẹni tóun jẹ́ ti gbé àga ìdájọ́ fún ẹni tó ń gbọ́. Oníbàárà ló mọ̀ bóyá ẹ péye, ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ohun tí ẹ máa ń ṣe, tí ó kéré, tí ó sì ṣeé rí lójú, kò sí ìyangàn níbẹ̀. "A péye" jẹ́ oríkì. "Mo máa ń ka iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́" jẹ́ ìròyìn. Alágbàfọ̀ tó ń pariwo pé òun mọ aṣọ fọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó sọ fún yín pé òun máa ń ya aṣọ funfun sọ́tọ̀.

Àwọn amòfin ilẹ̀ wa tilẹ̀ ti ní òfin fún ohun tó jọ èyí rí. Nínú òfin ìwà iṣẹ́ amòfin Nàìjíríà tí ó jáde ní 2007, abala 39 fàyè gba amòfin nígbà náà láti polówó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, tàbí iye ẹjọ́ tó ti jàre, kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wé amòfin mìíràn, ìpolówó náà ò sì gbọdọ̀ pọ̀ débi tí yóò fi máa bí ẹni tó ń gbà á nínú. Mi ò kí í ṣe amòfin, kò sì sẹ́ni tó lè fi abala 39 mú mi. Àmọ́ nígbà tí mo kà á, mo rí i pé ẹni tó kọ ọ́ ti gba ímeèlì rí.

Ẹ má sì gbàgbé bí gbólóhùn náà ṣe ń pọ̀ sí i. Lẹ́tà kan lè bí èsì mẹ́rìnlá láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ẹ yí àwòrán yìí padà, ẹ fi orúkọ ìyàwó kejì sí i, ẹ yọ orúkọ ìyàwó kejì kúrò. Ìgbà mẹ́rìnlá ni oníbàárà yóò bá gbólóhùn yín pàdé. Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́ yóò ti sú u nígbà kẹrin. Ìdí nìyí tí àwàdà kì í fi í pẹ́ lábẹ́ lẹ́tà, bó ti wù kó dùn tó.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń lo ímeèlì mọ èyí. Ìwé ìlànà kan wà tí wọ́n pè ní RFC 1855, tó jáde ní 1995, tó ń kọ́ni ní ìwà tó yẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ìbuwọ́lùwé má ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí tiwa níbí: nígbà náà, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó íńtánẹ́ẹ̀tì, bí lẹ́tà bá sì ṣe gùn tó ni owó ẹni tó ń gbà á ṣe ń lọ tó. Lónìí, dátà ni. Ìlà mẹ́rin náà ṣì tó: orúkọ, iṣẹ́, nọ́ńbà, gbólóhùn kan. Ẹni tó bá kó àdírẹ́sì, àmì iléeṣẹ́, àwòrán ojú rẹ̀ àti oyè márùn-ún síbẹ̀ ti sọ gbólóhùn náà nù sínú ọjà.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà ti lo ìsàlẹ̀ lẹ́tà wa fún ara wọn. Nígbà tí Hotmail bẹ̀rẹ̀ ní 1996, abẹ́ gbogbo lẹ́tà tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ìkéde sí pé kí ẹni tó ń kà á wá gba ímeèlì ọ̀fẹ́ tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. `Sent from my iPhone` náà wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ò yọ kúrò títí di òní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyangàn ni. Èmi ò gbà. Mo rò pé ó wúlò díẹ̀, nítorí ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé orí fóònù ni mo ti kọ ọ́, kó má bínú bó bá kúrú. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó jọ ọ́ láìpe orúkọ fóònù, ẹ lè kọ "Orí fóònù ni mo ti kọ èyí." Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Mo ti dé ibi tó lọ́ra jù, ìyẹn òwe. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gbólóhùn kúkúrú tó gbọ́n, òwe ni yóò kọ́kọ́ sá lọ bá. Òwe kúrú, ó dùn, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé ẹ̀ ń yin ara yín. Síbẹ̀, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbé òwe sí abẹ́ lẹ́tà iṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wọn ilẹ̀ ló fi èyí yé mi. Gbólóhùn tirẹ̀ ni "Ohun tí a bá gbìn la ó ká." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Ó wá kọ lẹ́tà sí màmá àgbàlagbà kan tí kò tíì san owó tó kù lórí pílánì ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà náà ní ọ̀wọ̀, ó kí màmá dáadáa, ó ní bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni òwe. Màmá pè é lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń ṣépè fún mi?" Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ nínú fóònù. Ó ní òun ò mọ̀ pé òwe náà wà níbẹ̀ mọ́, ojú òun ti mọ́ ọn lára.

Ẹ wò ó, òwe kì í dá dúró. Ẹni tí a pa á fún àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló ń fún un ní ìtumọ̀. "Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò" jẹ́ ọgbọ́n lábẹ́ lẹ́tà kan, ó sì jẹ́ ìbáwí lábẹ́ lẹ́tà tí ẹ ti ń sọ pé owó tí oníbàárà mú wá kéré. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Nínú ilé, bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, yóò kọ́kọ́ ní "tótó ṣe bí òwe o", àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ẹ̀rọ kì í ṣe tótó. Ó ń pa òwe fún ẹni ogún ọdún, ó ń pa á fún ẹni ọgọ́rin, kò sì dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ènìyàn ro ayé tó ń gbóná kó tó tẹ lẹ́tà jáde. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ oníbàárà ní ẹ̀kọ́ tí kò wá gbà. Ó sì máa jẹ́ ẹ̀rín bí èmi tó ń jẹun láti ara ìtẹ̀wé ní Ṣómólú bá ń bẹ ènìyàn pé kó má tẹ̀wé. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, olúkúlùkù ló mọ bí òun àti Ẹlẹ́dàá ṣe rìn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run sí abẹ́ ìwé owó ti pe Ọlọ́run wá ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọjà, bẹ́ẹ̀ oníbàárà lè má ṣe ẹ̀sìn kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù, gbólóhùn tí mo fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ ni èyí tí mo sọ lókè: "Mo máa ń ka iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́." Mo yọ "wa" kúrò, mo fi "mo" síbẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Ó yege lábẹ́ lẹ́tà owó. Ó yege lábẹ́ ìkẹ́dùn. Ẹni tó ń sin bàbá rẹ̀ á fẹ́ kí a ka orúkọ bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Lábẹ́ àforíjì pé iṣẹ́ pẹ́, ó tilẹ̀ dà bí àlàyé. Mo rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Oṣù kẹrin rẹ̀, ìyàwó ilé kan fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Mo ti kọ "Àbáméta" síbi tó yẹ kí "Àbámẹ́ta" wà. Àmì ìsàlẹ̀ kan péré, ṣùgbọ́n lórí káàdì ìgbéyàwó, ó hàn ketekete. Gbólóhùn kan ló kọ sí mi: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ka èyí?"

Ibi tí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dé nìyẹn. Ohun tó ṣeé rí lójú náà ni ènìyàn lè fi mú yín. Mo ṣì rò pé ó sàn ju ìyangàn lọ, nítorí ẹni tó ní "a péye" ò ní nǹkan kan tó lè tún ṣe, èmi sì lè lọ ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n mo tún jókòó tì í. Mo bi ara mi pé kí ni oníbàárà mi máa ń fẹ́ mọ̀ nígbà tó bá parí lẹ́tà mi. Wọn kì í béèrè bóyá mo dára. Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ ná. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni: "Bí a bá rí àṣìṣe ńkọ́?"

Báyìí ni mo ṣe dé orí èyí tó wà níbẹ̀ títí dòní: "Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi." Ẹ gbé e sí abẹ́ ìwé owó, ó bá ìwé owó mu, bóyá mo ti ṣi owó kà. Ẹ gbé e sí abẹ́ àforíjì, ó bá a mu. Ẹ gbé e sí abẹ́ ìkẹ́dùn, kò dun ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni, ó gba ìlà kan lórí fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo fi "màá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́" kún un, títí tí ẹnì kan fi dá ìwé padà lẹ́yìn tí a ti tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Mo yọ "lọ́fẹ̀ẹ́" kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìwé àdéhùn, kò sí ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń wọn ilẹ̀ náà ti pààrọ̀ tirẹ̀. "Oko ni mo máa ń wà láàárọ̀, mo máa ń fèsì lẹ́yìn aago mẹ́ta." Àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n máa ń bínú pé kì í gbé fóònù ti dákẹ́. Oníṣirò owó kan tó wà lókè wa kọ "Bí nọ́ńbà kan bá rú yín lójú, ẹ bi mí." Èyí wù mí ju tèmi lọ.

Bí ẹ bá ń lo Gmail, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é: ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `See all settings`, nínú `General` ni ẹ ó ti rí `Signature`. Ẹ lè ṣe ju ẹyọ kan lọ síbẹ̀. Lábẹ́ `Signature defaults`, ẹ yan èyí tó ní gbólóhùn fún lẹ́tà tuntun, kí ẹ sì yan `No signature` síbi `On reply/forward use`, tàbí kí ẹ ṣe òmíràn tó jẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà nìkan fún èsì. Ìyẹn á yanjú ọ̀rọ̀ ìgbà mẹ́rìnlá. Ẹ rántí pé ti orí fóònù dá wà lọ́tọ̀, `Mobile Signature` ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á máa fi gbólóhùn àtijọ́ ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀ láìmọ̀.

Ẹ má ṣe é ní àwòrán. Bí ẹ̀rọ oníbàárà kì í bá í ṣí àwòrán, àpótí òfìfo ni yóò rí, kò sì ní lè tẹ nọ́ńbà yín pè yín. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ lásán. Ní Yorùbá, èyí ní ìyọnu tirẹ̀: lẹ́tà bí ẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ni àti àmì ohùn tí a gbé lé e lórí, nítorí náà àmì náà máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí kékeré lórí àwọn fóònù kan. Mo máa ń fi gbólóhùn tuntun ránṣẹ́ sí ara mi, mo máa ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà lórí fóònù àtijọ́ tí àbúrò mi fi ń ta káàdì. Bó bá ṣeé kà lórí ìyẹn, a ti yege.

Ará Lọ́ńdọ̀nù tún kọ̀wé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, fún ìrántí ọdún kan bàbá. Ó so ìwé àtijọ́ mọ́ ọn, ó fi àmì pupa yí orúkọ ìlú kan ká nínú oríkì, ó ní: "Ẹ ní kí n sọ bí mo bá rí àṣìṣe. Mo rí ọ̀kan."